Iṣẹ́ Èṣí, Máàkì Ọdún Yìí

Nígbà tí sòbìà ṣì ń dá àgbẹ̀ jókòó sílé ní Ìbàràpá, àwa tí a gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn àjọ tí kì í wá èrè kò mọ ohun tí ń jẹ́ fọ́ọ̀mù ìgbéléwọ̀n. Ọ̀gá ni ó ń wọ̀n wá, ojú rẹ̀ sì ni òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó bá tètè dé, tí ó mọ ọ̀gá í kí, tí kì í ráhùn bí owó oṣù bá pẹ́, òun ni òṣìṣẹ́ rere. Bí ọdún bá ń parí lọ, ìwé kan á ti ọ́fíìsì wa lọ sí olú ilé-iṣẹ́ nípa oníkálukú, wọ́n á sì ti lẹ̀ ẹ́ pa kí ó tó kúrò nílẹ̀. Àwọn kan nínú wa gba ìgbéga, àwọn mìíràn gba lẹ́tà pé a kò nílò wọn mọ́, kò sì sí ẹni tí ó rí ìdí rẹ̀ kà.

Lónìí, àwọn ọmọ tí wọ́n gba ipò wa ń rí fọ́ọ̀mù wọn lórí kọ̀ǹpútà. Tágẹ́ẹ̀tì wà ní apá òsì, ohun tí wọ́n ṣe wà ní apá ọ̀tún, máàkì láti 1 dé 5 sì wà nísàlẹ̀. Wọ́n lè fèsì, wọ́n lè jiyàn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú kí ọ̀rọ̀ tó parí. Èyí dára ju ìwé tí a lẹ̀ pa lọ. Ẹni tí ó bá ní kí á padà sí ti àtijọ́ kò rántí ohun tí ojú àwọn obìnrin àárín wa rí, àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ bí ọkùnrin méjì tí ọ̀gá kò sì mọ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí fọ́ọ̀mù yìí gbàgbọ́ tí kò sọ jáde: pé ohun tí òṣìṣẹ́ bá ṣe láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kejìlá gbọ́dọ̀ hàn kí oṣù Kejìlá náà tó parí. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ àwọn àjọ yìí ń ṣe kì í gbọ́ràn sí kàlẹ́ńdà bẹ́ẹ̀.

Sòbìà ni ó fi èyí hàn wá. Ẹni tí ó bá mu omi adágún tí kòkòrò tín-ń-tín tí ó ru ọmọ sòbìà wà nínú rẹ̀ kì yóò mọ̀ pé òun gbé nǹkan kan mì. Kòkòrò náà á kú sínú ikùn, ọmọ sòbìà á jáde, á gba inú ẹran ara lọ, abo rẹ̀ á sì máa dàgbà títí yóò fi gùn tó nǹkan bíi mítà kan. Ó di nǹkan bí ọdún kan kí ẹsẹ̀ tó lé ròrò, kí ojú ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí jó aláìsàn. Yóò ki ẹsẹ̀ bọ omi kí ó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn, sòbìà á sì tú ọmọ sínú omi náà fún àwọn ẹlòmíràn. Kò sí oògùn tí ń wò ó, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ohun tí ó wà kò ju kí á fi asẹ́ aláṣọ sẹ́ omi mímu, kí á da oògùn Ábéètì sí adágún láti pa kòkòrò inú rẹ̀, kí á gbẹ́ kànga tí ó mọ́, kí á má sì jẹ́ kí ẹni tí sòbìà ń jáde lára rẹ̀ tẹ inú omi.

Ẹ wá gbé ẹni tí a fẹ́ wọ̀n lé orí èyí. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbé dé abúlé kan ní oṣù Kìíní, tí ó pín asẹ́ kárí ilé, tí ó dúró ti àwọn ìyá létí ìkòkò omi títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n lò, yóò ṣì máa rí sòbìà lára àwọn ènìyàn títí ọdún yóò fi parí. Omi tí wọ́n ti mu kí ó tó dé ni ó ń jáde. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ni ó ni iye náà, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tuntun ni yóò wà lókè ìwé. Bí a bá wá gbé e kúrò níbẹ̀ lọ́dún kejì, ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀ ni yóò gba ìyìn fún ìdínkù tí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ní ìhà tiwa láyé ìgbà náà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni sòbìà máa ń pọ̀ jù, nígbà tí adágún bá fà, tí gbogbo ìlú sì ń pọn ìwọ̀nba tí ó kù. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀rùn kan ni a fi ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀rùn tí ó tẹ̀ lé e ni a fi ń mọ̀ bóyá a ṣe é.

Lónìí, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí sòbìà, ó ti kan ṣáláńgá. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìpolongo ní 2019 pé kí yíyàgbẹ́ ní gbangba dópin ní Nàìjíríà nígbà tí ó bá fi máa di 2025, àwọn àjọ aláìlérè sì wà lára àwọn tí wọ́n ń rán òṣìṣẹ́ lọ sí abúlé nítorí rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ti Bangladéṣì wá, níbi tí Kamal Kar ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2000. Òṣìṣẹ́ kì í fúnni lówó, kì í bá ẹnikẹ́ni kọ́lé ìgbẹ́. Yóò pe ìlú jọ, yóò ní kí wọ́n fi eérú ya àwòrán abúlé wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn tọ́ka sí ibi tí oníkálukú ń lọ bí ilẹ̀ bá mọ́. Wọ́n á jọ rìn dé ibẹ̀, wọ́n á rí eṣinṣin tí ó ti ibẹ̀ fò wá bà lé oúnjẹ. Ìtìjú àti ìbínú tí ó bá wọ àwọn ará abúlé ni yóò mú wọn gbẹ́ ihò fúnra wọn. Bí gbogbo ilé bá ti ní tirẹ̀, ìgbìmọ̀ á wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì fún abúlé náà ní ìwé-ẹ̀rí.

Ìwé-ẹ̀rí yẹn ni tágẹ́ẹ̀tì. Iye abúlé tí ó gbà á lọ́dún ni máàkì òṣìṣẹ́, nítorí pé ó ṣe é kà, ó sì ṣe é yà ní fọ́tò fún àwọn tí wọ́n ń fowó ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí kò ní kí òjò má rọ̀. Ihò tí wọ́n gbẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sínú ilẹ̀ iyanrìn á ya lulẹ̀ ní oṣù Keje. Ihò kékeré á kún, onílé kò sì ní fẹ́ gbẹ́ òmíràn. Àwọn ayálégbé á dé tí wọn kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a ya àwòrán eérú. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, abúlé tí ó ti gba ìwé-ẹ̀rí lè ti padà sínú igbó, fọ́ọ̀mù tí ó fún òṣìṣẹ́ ní 5 sì ti wà nínú fáìlì.

Láyé sòbìà, a ti rí irú àṣìwọ̀n yìí láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìjábọ̀ tí ó ń ti ilé ìwòsàn wá kò tó nǹkan, nítorí pé ẹni tí sòbìà so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò lè rìn dé ibi tí wọ́n ti ń ka aláìsàn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ wá rìn láti abúlé dé abúlé káàkiri Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, àwọn tí wọ́n rí lé ní 650,000. Àrùn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ sí i, ẹsẹ̀ àwọn tí ń wá a ni ó pọ̀ sí i. Ọ̀gá tí kò bá mọ èyí yóò rò pé ẹni tí ó mú igba aláìsàn wá sínú ìwé ti bá iṣẹ́ jẹ́, àti pé ẹni tí ó mú ogún wá ni akọni. Bí ó bá wọ̀n wọ́n bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò tún ní rí igba mọ́ láé, nítorí pé òṣìṣẹ́ tí ó gbọ́n á mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́.

Ohun tí ètò sòbìà ṣe dára jù lọ, lójú tèmi, ni pé nígbà tí ó yá, wọ́n ń wo òṣìṣẹ́ lórí ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ṣé kí sòbìà tó jáde tàbí láàárín wákàtí 24 tí ó jáde ni ó ti mọ̀? Ṣé aláìsàn náà kò tíì tẹ inú omi? Ṣé ó wẹ ojú ọgbẹ́, ó dì í, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ títí sòbìà fi jáde tán? Ṣé alábòójútó wá fi ojú ara rẹ̀ rí i láàárín ọjọ́ 7? Kò sí èyí tí ó ní láti dúró de ọdún tí ń bọ̀ nínú wọn. Wọ́n sì béèrè ìjábọ̀ lóṣooṣù, kódà bí kò bá sí aláìsàn kankan, kí òṣìṣẹ́ kọ òfo kí ó sì fi ránṣẹ́. Abúlé tí ó kọ òfo yàtọ̀ sí abúlé tí kò kọ nǹkan. Nígbà tí àrùn náà wá ń tán lọ, wọ́n ń fi owó ta ẹni tí ó bá mú ìròyìn sòbìà wá lọ́rẹ. Ìròyìn burúkú tí ó jẹ́ òtítọ́ di ohun tí a ń san owó lé lórí. Àwọn àjọ tí ó gbójúgbóyà bẹ́ẹ̀ lónìí kò pọ̀.

Kí á má sì fi òróró pa ìgbà yẹn lára. A mọ ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n kọ lábẹ́ igi máńgòrò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, oṣù méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ṣòro láti dá a mọ̀: báírò kan náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ibi tí omi ti ta sí i, kò sí orúkọ tí a kọ ṣì tí a sì tún kọ, ojú ìwé mọ́ bí ti ìwé tuntun. Alábòójútó tí kò rí owó epo rà máa ń buwọ́ lù ú láìdé ibẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà ni ìlú sábà máa ń yàn bí òṣìṣẹ́ abúlé, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn obìnrin tí ń pọnmi ni wọ́n mọ adágún tí àwọn ènìyàn ń lò gan-an. Ojú ọ̀gá tí ó jẹ́ òṣùwọ̀n wa nígbà náà kò rí gbogbo èyí.

Táábúlẹ̀ẹ̀tì tí àwọn òṣìṣẹ́ òde òní ń gbé káàkiri ti fòpin sí irọ́ abẹ́ igi máńgòrò yẹn ní apá kan. Ó ń kọ wákàtí, ó ń kọ ibi tí ẹni tí ó dì í mú dúró sí. Ó ṣòro láti jókòó sílé kí á sọ pé a wà ní oko. Síbẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ náà lè jẹ́rìí sí ni pé òṣìṣẹ́ dé ibẹ̀. Kò lè sọ bóyá ó bá ìyá ilé jókòó, kò sì lè mọ̀ bóyá fọ́tò ṣáláńgá mẹ́ta tí ó fi ránṣẹ́ kì í ṣe ṣáláńgá kan tí ó yà láti ìhà mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí á fi òṣìṣẹ́ méjì ṣe àpẹẹrẹ, àjọ kan náà, ọdún kan náà. Ẹni àkọ́kọ́ mú abúlé 10 dé ibi ìwé-ẹ̀rí, ẹni kejì mú 3. Fọ́ọ̀mù fún ẹni àkọ́kọ́ ní 5, ó fún ẹni kejì ní 2, wọ́n sì ní kí ẹni kejì máa wá iṣẹ́ mìíràn bí kọ́ńtíráàtì rẹ̀ bá parí. Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn òjò, a rán alábòójútó padà sí gbogbo abúlé 13 náà. Nínú 10 ti ẹni àkọ́kọ́, 4 ni ó ṣì dúró. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ẹni kejì dúró.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á dá ẹjọ́ níbẹ̀ pé a ti fi máàkì ẹni kan fún ẹlòmíràn, kí á yí i padà. Kí á ní sùúrù díẹ̀. Ilẹ̀ iyanrìn etí odò ni abúlé ẹni àkọ́kọ́, tí ihò kì í dúró níbẹ̀ láìjẹ́ pé a fi nǹkan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilẹ̀ líle alámọ̀ pupa ni ti ẹni kejì, abúlé kéékèèké tí ó sún mọ́ ara wọn. Bí a bá ṣí ìwé àjákọ ẹni àkọ́kọ́, a rí i pé ní oṣù Keje ó ti kọ ọ́ pé ṣáláńgá ń wó, ó dárúkọ àwọn ilé, ó béèrè bóyá ó lè kọ́ wọn bí a ṣe ń fi agbọ̀n oparun gbé ògiri ihò dúró. Ìjábọ̀ náà dé ọ́fíìsì, kò sí ẹni tí ó fèsì, nítorí pé abúlé tí ó ti gba ìwé-ẹ̀rí kò sí nínú tágẹ́ẹ̀tì mọ́. Ta ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Máàkì 5 tí a fún un lákọ̀ọ́kọ́ kò tọ́, 2 tí à bá fún un lẹ́yìn òjò náà kò ní tọ́. Ìjábọ̀ oṣù Keje yẹn ni iṣẹ́ tí ó dára jù lọ tí ó ṣe lọ́dún náà, kò sì sí ibi kankan lórí fọ́ọ̀mù tí a lè kọ ọ́ sí.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí á wọ̀n nìyí. Kí alábòójútó mú ilé márùn-ún ní abúlé kan, kí ó má jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ni yóò yan ilé náà fún un, kí òṣìṣẹ́ má sì bá a lọ. Kí ó wo ọ̀nà tí ó lọ sí ṣáláńgá: ọ̀nà tí a ń tọ̀ á mọ́ bọ̀rọ́bọ̀rọ́, èyí tí a kò tọ̀ á hu koríko. Kí ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá aláǹtakùn ti ta òwú sí i, kí ó wo inú rẹ̀ bóyá igi ìdáná àti àgbàdo ni wọ́n kó síbẹ̀. Kí ó wo bóyá omi àti ọṣẹ tàbí eérú wà nítòsí, kí ó béèrè lọ́wọ́ ìyá ilé ibi tí ó ń da ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni kí ó tó ṣí ohun tí òṣìṣẹ́ kọ nípa ilé márùn-ún yẹn. Bí méjèèjì bá bára mu, kódà bí gbogbo ṣáláńgá bá ti wó, máàkì òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ga. Bí wọn kò bá bára mu, bí abúlé tilẹ̀ ń dán, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Èkejì ni kí á wo ohun tí ó ṣe nígbà tí ó rí ohun tí ó rí: ó padà lọ àbí kò padà, ó béèrè ìrànlọ́wọ́ àbí ó dákẹ́.

Àbájáde fúnra rẹ̀, ìyẹn abúlé tí ó dúró àti èyí tí ó padà, kò gbọ́dọ̀ sọnù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdún méjì sẹ́yìn ni ó ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ètò àjọ ni ó sì ń dá lẹ́jọ́ ju ènìyàn kan ṣoṣo lọ. Bí olóòótọ́ òṣìṣẹ́ mẹ́wàá bá lo ọ̀nà kan náà ní ilẹ̀ iyanrìn tí ṣáláńgá gbogbo wọn sì wó, ọ̀nà náà ni kí á pè lẹ́jọ́, kí á má fi ẹ̀bi rẹ̀ pín máàkì. Láyé ìjọ́un, a da ètò àti ènìyàn pọ̀ nítorí pé ọ̀gá ni ó ni méjèèjì. Lónìí, a dà wọ́n pọ̀ nítorí pé iye kan náà ni a ń fi ránṣẹ́ sí àwọn olówó tí a sì tún ń fi wọn òṣìṣẹ́. Ibi kan náà ni ọ̀nà méjèèjì já sí, òṣìṣẹ́ tí ó wà ní oko ni ó ń san gbèsè ọ́fíìsì.

Mo mọ ìdáhùn tí àwọn olùdarí yóò fún mi, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe irọ́. Owó iṣẹ́ kì í sábà kọjá ọdún mẹ́ta, kọ́ńtíráàtì òṣìṣẹ́ jẹ́ ọdún kọ̀ọ̀kan, kò sì sí owó fún pípadà lọ wo abúlé tí ó ti parí. Owó fún ìpàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì wà. Owó fún fìlà àti ṣáátì tí a kọ orúkọ iṣẹ́ sí wà. Alábòójútó kan, alùpùpù kan àti epo ọjọ́ méjì lẹ́yìn òjò kò tó owó ìpàdé kan.

Oṣù Kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni tí ó ní sòbìà kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Enúgu. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó fún orílẹ̀-èdè náà ní ìwé-ẹ̀rí pé ó ti bọ́, nítorí pé ó kéré tán ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n ń fẹ́ kí á fi wá a láìrí i kí wọ́n tó gbà. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ káàkiri abúlé, wọ́n ń tọpa gbogbo àhesọ, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ènìyàn, wọ́n sì ń kọ òfo. Òfo yẹn ni iṣẹ́ wọn. Kí ẹ̀yin tí ẹ ó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù lọ́dún yìí tó fún ẹnikẹ́ni ní máàkì, ẹ mú owó epo jáde, ẹ rán alábòójútó padà sí abúlé èṣí, kí ẹ sì ka ohun tí òṣìṣẹ́ ti kọ ránṣẹ́ sí yín tí ẹ kò fèsì sí.